Pípa Áàpù Rẹ́ Kò Dá Owó Dúró: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Fi Spotify Premium Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn a pa áàpù Spotify rẹ́ lórí fóònù, wọ́n á gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bí oṣù bá yí, owó á tún jáde ní báǹkì. Orí fóònù kọ́ ni àdéhùn owó wà, orí àkáǹtì ni, níbi tí ẹ ti fi nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀. Kódà bí fóònù bá já sínú omi, owó á ṣì máa lọ.

Ẹ ṣí búráúsà, ẹ tẹ spotify.com/account, ẹ wọlé, ẹ lọ síbi tí orúkọ ètò yín wà, kí ẹ wá tẹ Cancel subscription. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ohun tí ẹ máa pàdánù hàn yín. Ibí yìí gan-an ni àwọn kan ti ń pa búráúsà dé, tí wọn kò tíì tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sójú ìwé àkáǹtì: tó bá ti yanjú, ọjọ́ tí Premium máa parí lẹ ó rí, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n tún máa yọ owó.

Bí ojú ìwé bá ní Free lẹ wà, síbẹ̀ tí owó ń jáde, ó ṣeé ṣe kí ẹ ní àkáǹtì kejì. Ó lè jẹ́ pé ímeèlì lẹ fi ṣí ọ̀kan, tí ẹ sì fi Facebook ṣí èkejì láìfura. Ẹ jáde, ẹ fi ọ̀nà kejì wọlé. Bó bá sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ń gba owó náà lọ́wọ́ yín, ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti máa dá a dúró.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ẹ tẹ Close account nígbà tó jẹ́ pé owó nìkan lẹ fẹ́ dá dúró. Ìyẹn ń pa àkáǹtì rẹ́ pátápátá, tòun ti gbogbo àkójọ orin tí ẹ ti ń tò jọ. Spotify máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́, ìlínkì inú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 7 péré láti fi gba àkáǹtì padà. Ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Premium nìkan lẹ wọ́gi lé, kò sóhun tó máa ṣe àkójọ orin yín, gbogbo rẹ̀ ló máa wà nínú àkáǹtì ọ̀fẹ́.

Ọjọ́ tó kù kò ní ṣègbé. Ká ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta lẹ san owó, tí ẹ sì wọ́gi lé e lọ́jọ́ 12. Premium yín á ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, ìyẹn ọjọ́ 22 sí i, láìsí ìpolówó. Nítorí náà, ẹ má dúró dọjọ́ tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá dúró ló máa ń gbàgbé.

Orin tí ẹ gbà sílẹ̀ ló yàtọ̀. Wọn kì í ṣe fáìlì tí ẹ lè kó sórí fóònù míì; inú áàpù nìkan ni wọ́n ti ń ṣí, níwọ̀n ìgbà tí Premium bá wà. Bó bá ti parí, orúkọ orin á ṣì wà nínú àkójọ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè gbọ́ ọ láìsí dátà. Kí ẹ pa dátà láti fi sá fún un kò wúlò, torí ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30 ni áàpù gbọ́dọ̀ kàn sí ìkànnì kí orin má bàa tì. Bí ẹ bá sì padà san owó lẹ́yìn náà, ẹ gbà á pé ẹ máa tún orin gbà sílẹ̀, kí ẹ wá Wáì-Fáì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń sanwó ètò ẹbí gbọ́dọ̀ sọ fáwọn yòókù kó tó wọ́gi lé e, nítorí gbogbo wọn ló jọ máa bọ́ sí Free lọ́jọ́ kan náà. Àkójọ orin oníkálukú ò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá.

Ẹ má sì fi òye Spotify lo Apple Music. Kò ní àkáǹtì ọ̀fẹ́ tó máa tọ́jú àkójọ fún yín bẹ́ẹ̀: bí owó bá ti parí, orin tí ẹ mú níbẹ̀ àti àkójọ tí ẹ fi wọ́n ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ yín. Èyí tí ẹ fowó rà ní iTunes Store nìkan ni tiyín. Kí ẹ tó lọ sí Settings, tẹ orúkọ yín, tẹ Subscriptions láti wọ́gi lé e, ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù níbi tí àkójọ kọ̀ọ̀kan wà, látòkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ lè rí orúkọ orin tí ẹ máa fi tò ó padà níbòmíràn.