Tẹ́ ẹ bá ń dín oúnjẹ kù, sẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ gé, ẹ má gé kílò

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ti dín oúnjẹ kù kí ọ̀rá lè yọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin fúyẹ́fúyẹ́, kílò tẹ́ ẹ ń gbé tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú, iye sẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ dín. Tí oúnjẹ ò bá tó, iṣan tí kì í ṣiṣẹ́ tó wúwo ni ara máa ń tú jẹ, irin tó wúwo ló ń jẹ́ kó mọ̀ pé a ṣì nílò ẹ̀. Ká ní 80 kílò lẹ fi ń ṣe sìkúọ́ọ̀tì, sẹ́ẹ̀tì 5, ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ fi 80 yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ ṣe sẹ́ẹ̀tì 3 péré, ẹ sinmi ìṣẹ́jú 3 láàárín wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ má gé ju bíi kálórì 500 lọ lójúmọ́, púrótéènì ò sì gbọdọ̀ wọ́n rárá, bíi gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan (ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kó kọ́kọ́ bi dókítà o). Ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ gbé sílẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e lẹ́ẹ̀márùn-ún dípò ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú sẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan, ó lè jẹ́ oorun ni ò tó, ṣùgbọ́n tó bá wálẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mẹrin tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ lẹ gé jù, ẹ dá bíi kálórì 200 padà, ẹ má fi sẹ́ẹ̀tì kún un.