Bí a ṣe ń ka síkéèlì, kọ́ńtúà àti béárìn nínú ìbéèrè máàpù jọ́gíráfì

Ìṣirò inú ìbéèrè máàpù Wáẹ̀kì kò le rárá. Ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tó ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ní Muṣin ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo lè béèrè jíjìnnà, gíga àti ìhà tí ibì kan wà sí ibòmíì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan, ká tẹ̀ lé e dé òpin.

Ẹ gbà pé máàpù náà jẹ́ 1:50,000, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi wọn gíga àwọn kọ́ńtúà. A jẹ́ ilé ìwòsàn kékeré kan létí títì. B wà lórí òkè kan ní apá ọ̀tún, nísàlẹ̀ A. Wọ́n ní kí ẹ wá jíjìnnà A sí B, ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ láàárín wọn, àti béárìn B láti A.

Jíjìnnà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, torí ẹ óò tún lò ó. 1:50,000 túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà 1 lórí máàpù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50,000 lórí ilẹ̀, ìyẹn mítà 500, ìyẹn ìdajì kìlómítà. Nítorí náà, kìlómítà 1 gbọ́dọ̀ gba sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ fi Afárá Kẹta dán an wò. Gígùn afárá tí wọ́n ṣí ní 1990 yẹn jẹ́ kìlómítà 11.8, tó fi jẹ́ pé lórí máàpù 1:50,000, yóò gba sẹ̀ǹtímítà 23.6. Rúlà ọmọ iléèwé tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 ṣì máa wọ̀n ọ́n. Tí ẹnì kan bá wá ṣe ìṣirò tirẹ̀ tó ní afárá náà jẹ́ kìlómítà 118, ẹ ti mọ̀ pé ó ti fi òdo kan kún un níbì kan.

Nínú ìbéèrè tiwa, ẹ gbé rúlà lé A àti B, ó fún yín ní sẹ̀ǹtímítà 7.6. Ẹ pín in sí méjì: kìlómítà 3.8. Ó parí.

Tó bá jẹ́ pé ojú títì ni wọ́n ní kí ẹ wọ̀n, rúlà nìkan kò tó, torí títì ń kọ́lọ. Ẹ ya etí bébà funfun kan, ẹ fi igun rẹ̀ lé ibi tí títì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa yí i bí títì ṣe ń yí, kí ẹ sì máa fi pẹ́ńsù sàmì sí etí bébà ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti yí i. Nígbà tí ẹ bá dé òpin, ẹ gbé bébà náà sórí síkéèlì tí wọ́n yà sábẹ́ máàpù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Òdo síkéèlì yẹn kì í sí ní ìpẹ̀kun apá òsì. Ó wọnú díẹ̀, torí apá òsì òdo ni wọ́n pín kìlómítà kan sí wẹ́wẹ́ sí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun apá òsì ti yọ odindi kìlómítà 1 kúrò nínú ìdáhùn rẹ̀. Àmì ìkẹyìn lórí bébà ni kí ẹ gbé sórí kìlómítà tó pé ní apá ọ̀tún, kí àmì ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ sáàárín àwọn ìdá wẹ́wẹ́ ní apá òsì, kí ẹ wá ro méjèèjì pọ̀.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń fi ẹ̀dà máàpù dánra wò. Ẹ̀dà tí wọ́n bá tẹ̀ fún yín ní Ṣómólú tàbí létí iléèwé lè ti fún mọ́ra tàbí kó ti fẹ̀ sí i lẹ́nu ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n 1:50,000 tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ kò ní yí padà. Ẹ wọn kìlómítà 1 lórí síkéèlì yíyà. Tí kò bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, tó jẹ́ 1.8 fún àpẹẹrẹ, máàpù ọwọ́ yín ti di bí i 1:55,600. Ìlà síkéèlì fún mọ́ra pẹ̀lú máàpù, ìdí nìyẹn tí kì í fi í purọ́. Òun ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe nọ́ńbà.

Ó ku gíga, èyí tó máa ń dá ọmọ Èkó láàmú jù. Kọ́ńtúà tí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 jẹ́ mítà 15, ilẹ̀ Erékùṣù Èkó kò sì ga tó bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Ìsàlẹ̀ Èkó lórí irú máàpù bẹ́ẹ̀ kò ní kọ́ńtúà kankan. Máàpù tí wọ́n ń gbé wá sí gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ ó rí i, kún fún òkè. Ọmọkùnrin kan na ìka sí ìlà aláwọ̀ búráùn kan nínú kíláàsì mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé odò nìyí ni?" Mo ní, "Rárá. Lọ wo etí ọ̀sà ní Mákòkó." Ibi tí omi ọ̀sà ti kan ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà ní gíga kan náà, bó ti wù kó kọ́lọ tó. Ẹ fojú inú wò ó pé omi náà dìde sí ẹsẹ̀ bàtà 50: etí omi tuntun yẹn gan-an ni kọ́ńtúà 50. Tó bá tún dìde sí 100, etí omi ibẹ̀ ni kọ́ńtúà 100. Ìdí nìyẹn tí ìlà méjì kì í fi í dábùú ara wọn, torí omi kan kò lè wà ní gíga méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gan-an, etí omi yóò sún mọ́ra, níbi tó bá sì tẹ́jú, wọn yóò jìnnà síra.

Ẹ kọ́kọ́ wá àlàfo gíga láàárín ìlà kan sí èkejì. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí etí máàpù, ṣùgbọ́n tí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ wá ìlà méjì tó nípọn tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ká ní 1,000 àti 1,250. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Ẹ má fi mẹ́rin pín 250 o! Àlàfo lẹ ń kà, kì í ṣe ìlà, ìlà mẹ́rin láàárín ìlà méjì sì máa ń ṣe àlàfo márùn-ún. 250 tí a pín sí márùn-ún jẹ́ 50. Ẹni tó fi mẹ́rin pín in yóò rí 62.5, irú èyí tí kò sẹ́ni tó ń ya kọ́ńtúà sí. Nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ yẹ kó jẹ́ kí ẹ padà kà á.

Láti mọ apá ibi tí òkè kọjú sí, ẹ ka nọ́ńbà, ẹ má fojú dá a. Tí ìlà bá ṣe igun bí lẹ́tà V, ẹ wo ibi tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí. Tó bá kọjú sí ibi tó ga, àfonífojì ni, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí ìlà odò aláwọ̀ búlúù láàárín rẹ̀. Tó bá kọjú sí ibi tó lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ òkè tó nà jáde ni.

Nínú ìbéèrè wa, A wà lórí kọ́ńtúà 750, B sì wà lórí 1,250. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 500. Ibí yìí ni máàkì ti ń dànù. Ìdagẹ̀rẹ̀ ni ìyàtọ̀ gíga tí a fi jíjìnnà pín. Ọmọ náà á wo 500, á wo mítà 3,800, á fi 500 pín 3,800, á rí 7.6, á kọ 1:8. Ẹsẹ̀ bàtà ló fi pín mítà. Kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ sọ méjèèjì di ìwọ̀n kan náà. Ẹsẹ̀ bàtà 1 jẹ́ mítà 0.3048, nítorí náà 500 jẹ́ mítà 152.4. Ẹ wá fi 152.4 pín 3,800, ó jẹ́ 24.9, a óò kọ ọ́ bí 1:25. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá rin mítà 25, ẹ óò gòkè mítà 1. Bí ẹ bá kọ 1:8, ẹ ti sọ ilẹ̀ tó rọra ń gòkè di òkè gíga. Ẹ wo máàpù: ìlà mẹ́wàá péré lẹ gùn nínú sẹ̀ǹtímítà 7.6, wọn kò fún pọ̀ rárá. Ìdagẹ̀rẹ̀ kò ní ìwọ̀n, nítorí náà ẹ má kọ mítà tàbí ẹsẹ̀ bàtà sí iwájú 1:25.

Ó wá ku béárìn. Wọ́n ní B láti A, torí náà A lẹ dúró lé, ẹ ń wo B. Ẹ ya ìlà kan láti A sí B, kí ẹ sì ya òmíràn láti A sókè tààrà, tó bá ìlà àríwá gíríìdì orí máàpù lọ ní gbọọrọ. Ẹ fi àárín pùrótírátọ̀ lé A, kí òdo rẹ̀ wà lórí ìlà àríwá, kí ẹ wá kà lọ sí apá ọ̀tún. Pùrótírátọ̀ máa ń ní nọ́ńbà lọ́nà méjì, torí náà ojú kan náà lè fún yín ní 46 tàbí 134. Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé B wà ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀, ìyẹn láàárín ìlà-oòrùn àti gúúsù, níbi tí béárìn ti wà láàárín 90° àti 180°. 134° ni. 46° á gbé yín lọ sókè, sí àríwá ìlà-oòrùn, níbi tí òkè náà kò sí. Tí B bá wà ní apá òsì, ẹ yí pùrótírátọ̀ padà sí apá yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù, kí ẹ sì fi 180 kún ohun tí ẹ bá kà.

Tí wọ́n bá tún béèrè A láti B, ẹ má wulẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi 180 kún 134, ó jẹ́ 314°. Bí béárìn àkọ́kọ́ bá ju 180 lọ, ẹ yọ 180 kúrò.

Béárìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n yìí, ti gíríìdì ni. Abẹ́rẹ́ kọ́mpáàsì kì í sábà tọ́ka sí ibi kan náà gan-an, torí náà tí wọ́n bá béèrè béárìn ti kọ́mpáàsì, ẹ wo àwòrán ọfà kékeré etí máàpù. Bí ó bá fi hàn pé àríwá kọ́mpáàsì wà ní 6° sí ìwọ̀-oòrùn àríwá gíríìdì, ẹ fi 6 kún 134, ó jẹ́ 140°. Bó bá jẹ́ ìlà-oòrùn ló wà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọdún tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọfà yẹn ṣe pàtàkì, torí àlàfo náà ń yí padà lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá kọ iye tó fi ń yí padà, tí ìbéèrè sì dárúkọ ọdún míì, ẹ gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn.

Nọ́ńbà mẹ́ta ni kí ẹ máa fi kọ béárìn nígbà gbogbo: 045°, kì í ṣe 45.