Bí mo ṣe sọ gèémù tí mo ti jẹ di ọ̀mì, àti ohun tí mo rí nígbà tí mo tún un tò nílé

Ọ̀sán Sátidé kan ni, èmi àti bọ̀dá kan ládùúgbò wa ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, gbogbo nǹkan ti tán lórí bọ́ọ̀dù, ó ku ọba mi àti pọ́ọ̀nù kan, ọba nìkan ló kù sọ́wọ́ bọ̀dá. Mo ti ń rẹ́rìn-ín sínú. Ọba mi wà ní e4, pọ́ọ̀nù mi wà lẹ́yìn ẹ̀ ní e3, ọba dúdú dúró ní e6, èmi ló kàn. Mi ò mọ̀ pé "èmi ló kàn" yẹn gan-an ni wàhálà.

Mo gbé ọba lọ sí d4, wọ́n gbé tiwọn wá sí d6, wọ́n tún wá kojú mi. Mo ti pọ́ọ̀nù dé e4, wọ́n padà sí e6, mo ti i dé e5, wọ́n lọ e7. Mo lọ d5, wọ́n lọ d7. Mo fi e6 ṣẹ́ẹ̀kì wọn, wọ́n lọ e7, mo wá sí e5, wọ́n wá fà sẹ́yìn tààrà sí e8, kò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan o. Mo lọ d6, wọ́n lọ d8, mo ti e7, ṣẹ́ẹ̀kì, wọ́n wọ e8. Tí mi ò bá wá sí e6, pọ́ọ̀nù mi ti lọ nìyẹn, tí mo bá sì wá, ọba wọn ò níbi tó máa tẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ṣẹ́ẹ̀kì. Ọ̀mì.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo tún un tò nílé. Nǹkan tí wọ́n ń ṣe fún mi ni wọ́n ń pè ní ọpọsíṣọ̀n. Ọba méjì kojú ara wọn, ilé kan ṣoṣo ló wà láàárín, kò sẹ́ni tó lè tẹ̀ síwájú nínú wọn, torí náà ẹni tó bá kàn láti rìn ló máa yà kúrò lọ́nà, ẹni kejì á sì ráàyè kọjá. Ẹni tí kò kàn ló ni ọpọsíṣọ̀n. Ẹ wò ó, nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn, ìgbà tó kàn mí ni mo máa ń rí ọba wọn níwájú mi.

Mo wá dá pọ́ọ̀nù padà sí e2, àwọn ọba wà ní e4 àti e6 bíi tàtẹ̀yìnwá, funfun ló kàn. Áà! Mo kàn ti e3 ni, ọba mi ò mira, ó wá di pé dúdú ló máa yà. Dúdú lọ d6, mo gba òdìkejì, f5. Ó sá lọ e7, mo kojú ẹ̀ ní e5. Ó lọ d7, mo lọ f6, ó lọ e8, mo dúró síwájú ẹ̀ ní e6. Ó parí. Tí ọba bá ti dé ìlà kẹfà níwájú pọ́ọ̀nù ẹ̀ báyìí, kò tiẹ̀ sí ẹni tó kàn tó lè gba dúdú sílẹ̀. Àṣìṣe mi ni pé mo ti kánjú ti pọ́ọ̀nù dé e3 kí ọba mi tó jáde, mo ti na owó tó yẹ kí n tọ́jú.

Àbúrò mi wá bi mí pé ṣé dandan ni kí ọba sin pọ́ọ̀nù ni. Rárá o, ìyẹn ni rúùlù skúẹ̀à wà fún. Mo gbé pọ́ọ̀nù funfun sí b4. Láti b4 dé b8, ilé márùn-ún ni, ẹ ka márùn-ún náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bọ́ sí f4, ẹ fojú ya àpótí náà: b4, b8, f8, f4. Tí ọba dúdú bá wà nínú ẹ̀, ó máa bá a. Mo gbé ọba dúdú sí g4, ìta àpótí, funfun ló kàn: b5, f5, b6, e6, b7, d7, b8, kúìnì ti jáde. Mo ní kí dúdú kọ́kọ́ rìn, ó wọlé sí f5, ó sì dé c7 lásìkò tí pọ́ọ̀nù wà ní b7, ó jẹ ẹ́ lẹ́yìn náà. Ìṣísẹ̀ kan péré. Pọ́ọ̀nù tó bá wà ní b2 ṣì lè fò méjì o, ẹ ka tiẹ̀ láti b3, ibẹ̀ ni àbúrò mi ti kọ́kọ́ ṣubú. Tí nǹkan mìíràn bá sì dínà mọ́ ọba yẹn, kíkà yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ká tó sùn mo fi pọ́ọ̀nù etí bọ́ọ̀dù, ti h, dán ọpọsíṣọ̀n wò. Kò ṣeé ṣe, torí tí ọba dúdú bá ti wọ kọ̀rọ̀ h8, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló kù, kò síbi téèyàn máa gbà yí i ká.