Irin pọ́ǹpù tí wọ́n gé bà jẹ́ fún mi, àti bí mo ṣe fúnra mi ya àwòrán rẹ̀ ní FreeCAD

Irin pẹlẹbẹ tó so pọ́ǹpù omi ilé wa mọ́ ìdúró rẹ̀ ló ṣẹ́ sí méjì. Mo tò ó pọ̀ lórí bébà, mo fi pẹ́ńsù yí i ká, mo sì gbé bébà náà lọ fún oníṣẹ́ lésà kan tó fi dá mi lójú pé kọ̀ǹpútà òun á fúnra rẹ̀ yọ àwòrán náà. Owó yíyọ àwòrán lọ́tọ̀, owó irin lọ́tọ̀, owó gígé lọ́tọ̀. Irin tó gbé jáde fún mi kò wọ bóòtì kankan, etí rẹ̀ rí gbágungbàgun, lésà sì ti gba ojú ẹyọ ìlà kan kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo ṣí fáìlì rẹ̀ wò ni ohun tó ṣẹlẹ̀ yé mi. Inkscape, ètò ìyàwòrán kan, ló lò, pẹ̀lú àṣẹ Trace Bitmap tó ń sọ àwòrán di ìlà, tí kì í tẹ̀ lé àárín ìlà pẹ́ńsù bí a kò bá yan ọ̀nà náà fún un. Etí ibi tó dúdú ló máa ń tẹ̀ lé. Ìlà pẹ́ńsù sì ní etí méjì, ti inú àti ti òde, nítorí náà ìlà kan di méjì. Gbogbo ibi tí ọwọ́ mi ti gbọ̀n díẹ̀ náà di kókó lórí ìlà, tí ihò tó yẹ kó rí róbótó fi wá rí bí ọ̀dùnkún.

Mo pinnu láti fúnra mi tún un yà láti orí bébà náà, ní FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ohun èlò pẹ̀lú ìwọ̀n. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí síkánà: 300 dpi tó, kí bébà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni ìlà 100 mm tí mo fi rúlà fà sórí bébà kan náà, ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òró. Nígbà tí mo gbé àwòrán náà sínú FreeCAD, mo lo Calibrate, àṣẹ tó ń fún àwòrán ní ìwọ̀n tòótọ́, mo tẹ orí méjèèjì ìlà ìbú, mo kọ 100 mm, mo sì fi ti òró yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìrísí nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ àwòrán; kálípà ló fún mi ní ìwọ̀n, nítorí pé ẹ̀yìn etí irin ni ẹnu pẹ́ńsù máa ń wà. Ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10.5 mm. Lára ìdúró pọ́ǹpù, láti etí inú ihò kan sí etí inú ìkejì jẹ́ 73.5 mm, bí a bá fi 10.5 kún un, àárín sí àárín jẹ́ 84 mm. Orí méjèèjì irin náà yípo ní rédíọ̀sì 14 mm, ìbàdí rẹ̀ sì fẹ̀ tó 17 mm. Gbogbo etí òde kò ju ìlà títẹ̀ mẹ́rin lọ: méjì ní orí, méjì ní ìbàdí. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ 17 mm sí ìbàdí, tí Sketcher, apá FreeCAD tí a ti ń fa ìlà, fúnra rẹ̀ sì ṣírò rédíọ̀sì ibẹ̀ sí nǹkan bí 149 mm. Kò sí ojú tó lè ka ìyẹn lórí bébà.

Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé. Mo tẹ Pad láti sọ àwòrán náà di ohun tó nípọn 6 mm, ó kọ̀. Ó ní ìlà kò pa dé, kò sì sọ ibi tó ṣí sílẹ̀. Lójú mi, kò sí àlàfo kankan. Bí mo ti sún un mọ́ tòsí tó, àwọn ìlà náà wọnú ara wọn láìdá igun. Mo pa ìlà kan rẹ́, mo tún un fà, bákan náà ni. Àṣẹ Validate sketch, tó ń yẹ àwòrán wò, rí díẹ̀ lára àwọn ojú tó ṣí, ó sì dí wọn, ṣùgbọ́n kìkì èyí tí àlàfo rẹ̀ kò ju ìwọ̀n tí a fún un lọ ló lè dí. Àwọn yòókù wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àṣẹ Tangent ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Bí a bá mú ara ìlà méjì, tí a tẹ Tangent, ètò náà á mú kí wọ́n fara kan ara wọn láìdá igun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò so orí wọn pọ̀. Ìkan lè kọjá ìkejì díẹ̀, tàbí kó má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, kí ojú má sì rí i. Ó bí mi nínú, torí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ètò náà ìbá sọ ni èyí! Àmì rẹ̀ wà ní ibi tí Sketcher ti ń ka iye ìyípadà tó ṣẹ́ kù fún àwòrán, ìyẹn iye ọ̀nà tí ìlà rẹ̀ ṣì lè gbà sún kúrò ní àyè: ó yẹ kó jẹ́ òdo, ṣùgbọ́n orí ìlà kọ̀ọ̀kan tó dá wà ń fi ọ̀kan kún un.

Mo yọ gbogbo Tangent wọ̀nyẹn kúrò. Dípò ara ìlà, mo mú àmì kékeré tó wà ní orí ìlà kan àti ti ìkejì, mo tẹ Tangent, ó sì so wọ́n pọ̀ láìdá igun lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní oríkèé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyípadà di òdo, ìlà yí padà sí àwọ̀ ewé, Pad sì gbà.

Bí mo bá tún fẹ́ ya irú rẹ̀, orí sí orí ni màá ti so ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀, màá sì tẹ Pad kí n tó kọ ìwọ̀n kankan, kí n lè mọ̀ pé etí ti pa dé. Ẹni tó bá fẹ́ gé irú irin báyìí, kó kọ́kọ́ bèèrè fáìlì lọ́wọ́ oníṣẹ́, kó ka kókó orí ìlà rẹ̀ kí owó tó jáde. Irin tèmi kò yẹ kó ju mẹ́rin lọ ní etí òde.