Ọ̀gá mi ò gbé ọ̀rọ̀ yìí sókè, ṣé kí n lọ bá ọ̀gá ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kóòdù rúùmù kan ò dì dáadáa mọ́, mo ti sọ fún sùpáfáísọ̀ wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, “mo ti gbọ́” náà ló ń sọ. Mo fẹ́ lọ bá máníjà, àmọ́ mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo lọ rojọ́ ẹ̀ lẹ́yìn.

Ìdáhùn: Ẹnu lásán lo fi sọ ọ́, àbí? “Kò dì dáadáa” ò jẹ́ nǹkan kan létí ẹni tí fóònù ẹ̀ ò sinmi látàárọ̀. -18°C ló yẹ kí ẹja dídì wà, tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ka tẹmomítà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti kó o tó ṣíwọ́ fún ọjọ́ méjì, kọ aago àti nọ́ńbà sílẹ̀, kọ ọ́ mọ́ ọn tí ilẹ̀kùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, kí wọ́n má lọ sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣí i sílẹ̀. Wá lọ bá a, ẹ̀yin méjì péré, má ṣe é níwájú àwọn tó ń ru ẹrù: “Ọ̀gá, ẹ wò ó, -11 ló wà lánàá títí ilẹ̀ fi ṣú. Tí ẹni tó ń tún un ṣe ò bá dé títí di aago méjìlá ọ̀la, ó yẹ kí máníjà gbọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ ni, àbí kí n kọ ọ́ kí n fi yín sí i?”

Ìbéèrè ìparí yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Ìgbà témi ṣe é, àṣé ọ̀gá mi ti béèrè owó àtúnṣe lẹ́ẹ̀mejì, àwọn akáǹtì ni ò fọwọ́ sí i, inú ẹ̀ dùn pé ẹlòmíì tún fẹ́ kọ ọ́.

Ìbéèrè: Tó bá ní kí n má kọ ọ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Sọ fún un pé wàá kọ ọ́, kó o tó kọ ọ́. Orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní `Cc` níbi tí gbogbo ojú ti máa rí i, má fi sí `Bcc` láé. Kọ ọ́ báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Láti ọjọ́ Ajé, kóòdù rúùmù kejì ò lọ sísàlẹ̀ -11°C, àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìyí. Mo ti fi han ọ̀gá mi. A nílò owó àtúnṣe, àti àyè láti kó ẹja náà lọ sí kìíní.” Má fi “mo ń sọ fún un, kò dá mi lóhùn” sí i o, gbólóhùn yẹn ló ń sọ èèyàn di olófòófó.

Ìbéèrè: Máníjà pè mí sí ọ́fíìsì lémi nìkan, ó ń bi mí bóyá ọ̀gá mi ń ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Ìdáhùn: Dá a padà sórí ẹja: “Sà, ohun tí mo mọ̀ nìyí, wọ́n á lè ṣàlàyé tó kù fúnra wọn.” Kó o sì sọ fún ọ̀gá ẹ lọ́jọ́ yẹn náà pé wọ́n pè ẹ́, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó rí ẹ nígbà tó o ń jáde. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọ̀gá yẹn fúnra ẹ̀ ló ń kó ẹja jáde lóru, má sọ nǹkan kan fún un, máníjà ni kó o lọ bá tààrà.