Má Ṣe Yí Gbogbo Fáìlì Nítorí Ojú Ìwé Mẹ́ta: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Títún PDF Tí A Ṣe Síkáànù Ṣe

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan fi fáìlì ìwé ilẹ̀ ìdílé wọn ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù. Ojú ìwé 18 ni, ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan ló bá wọn ṣe síkáànù rẹ̀. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́ bá mi wò ó. Lọ́yà ní òun ò lè máa wọ́ ọrùn kí òun tó ka ìwé." Wọ́n ti gbìyànjú láti tún un ṣe fúnra wọn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, ojú ìwé tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ dìde, àwọn tó dúró dáadáa tẹ́lẹ̀ wá lọ sùn. Nígbà kejì, gbogbo rẹ̀ dúró lójú wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí lọ́yà ṣí i, bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà.

Mo lọ inú fáìlì náà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ohun tó ń ṣe wọn sílẹ̀. Ojú ìwé 4, 5 àti 11 fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìlà ọ̀rọ̀ ojú ìwé 7, 11 àti 14 wọ́ díẹ̀. Ojú ìwé 16 jẹ́ rísíìtì inú ìwé rísíìtì tó nípọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ níbi tí wọ́n ti ran ìwé náà pọ̀. Ojú ìwé 9 ni pílánì tí sọ̀féyọ̀ yà: ó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, àmọ́ kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn tó kù dára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe yòókù ti ń jáde. Ìwé tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ àti ìwé tó wọ́ kì í ṣe àìsàn kan náà. Nínú PDF, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lè ní àkọsílẹ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ `/Rotate`. Iye tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ ni 0, 90, 180 tàbí 270. Ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ tó bá ṣí fáìlì náà ni pé kó yí ojú ìwé yìí ní ìwọ̀n báyìí kó tó fi hàn, ní ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí. Àwòrán inú rẹ̀ ò yí padà rárá. O lè yí ojú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà ogún, kò ní bàjẹ́.

Ìwé tó wọ́ ní dìgírì kan àbọ̀ kò rí ìwòsàn níbẹ̀, torí pé `/Rotate` ò mọ ohunkóhun tí kì í ṣe ìlọ́po 90. Kí ó tó lè tọ́, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún gbogbo àwòrán náà yà, kó máa fojú ìṣirò gbé ẹ̀kán dúdú àti funfun kọ̀ọ̀kan lọ sí ipò tuntun. Gbogbo ìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà máa ń ṣú díẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fi ọwọ́ kan náà mú méjèèjì.

Yíyí ohun tí o ń wò dípò fáìlì fúnra rẹ̀

Èyí ló ṣe ẹ̀gbọ́n mi nígbà kejì. Nínú ọ̀pọ̀ ohun tí a fi ń ka PDF, bọ́tìnnì yíyí tó wà lábẹ́ View ń yí ìríran rẹ nìkan. Kò kọ nǹkan kan sínú fáìlì, kódà bí o bá tẹ Save lẹ́yìn rẹ̀. Bí o ṣe máa mọ̀ ni pé kí o pa fáìlì náà dé, kí o sì tún un ṣí lórí ẹ̀rọ mìíràn, bíi fóònù. Bó bá ṣì sùn níbẹ̀, kò tíì yí.

Ètò tí kò nílò kọ̀ǹpútà ńlá, tó sì lè ṣe é dáadáa, ni PDF Arranger, ọ̀fẹ́ ni. Ó máa to gbogbo ojú ìwé síwájú rẹ bí àwòrán kéékèèké, wàá mú àwọn tó sùn nìkan, wàá yí wọn, wàá sì fi pamọ́ sí orúkọ tuntun. Èmi fẹ́ràn `qpdf`, ètò tí a ń fi àṣẹ tí a tẹ̀ darí, nítorí pé mo lè kọ ohun tí mo fẹ́ sílẹ̀ kí n tún un kà kí n tó ṣe é.

Kíkọ àṣẹ láìdárúkọ ojú ìwé

Kí o tó kọ ohunkóhun, wo ibi tí orí ìwé kọjú sí. Bí orí bá wà lápá òsì ojú kọ̀ǹpútà, +90 ló máa gbé e dìde. Bó bá wà lápá ọ̀tún, -90 ni. Ẹni tó bá fi +90 fún èyí tí orí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ìwé náà á dorí kodò. Orí ojú ìwé 4 àti 5 wà lápá òsì, ti 11 wà lápá ọ̀tún, bóyá nítorí pé ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà yí bébà padà láàárín iṣẹ́. Nítorí náà mo kọ ọ́ báyìí:

```
qpdf iwe-ile.pdf yi.pdf --rotate=+90:4,5 --rotate=-90:11
```

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì `:` ni ojú ìwé tí àṣẹ náà kàn. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, gbogbo ojú ìwé 18 ló máa yí, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi nígbà àkọ́kọ́. Nọ́ńbà yẹn náà kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ bébà. Ipò ojú ìwé nínú fáìlì ni. Bí ìwé bá ní èèpo tí wọn ò fi nọ́ńbà sí, èyí tí wọ́n tẹ "3" sí lára ló máa jẹ́ ojú ìwé 4.

Àmì `+` náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. `+90` túmọ̀ sí pé kí ó fi 90 kún ohun tó wà ní `/Rotate` tẹ́lẹ̀. `90` lásán túmọ̀ sí pé kí ó sọ ọ́ di 90, ohun yòówù kó wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ síkáànù kan ti máa ń kọ 90 síbẹ̀ fúnra wọn, nítorí náà wàá pàṣẹ 90, ojú ìwé náà ò sì ní mira. Má sì ṣe fi èsì tí o ti yí lẹ́ẹ̀kan ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú kejì: 90 lórí 90 ń di 180. Padà sórí fáìlì àkọ́kọ́ nígbà gbogbo.

Má ṣe rò pé gbogbo ojú ìwé tó bá fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ ló sùn. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá wọn jáde, ó sì gbé pílánì sọ̀féyọ̀ dúró lórí ìdí, tí orúkọ ilẹ̀ àti ìdíwọ̀n rẹ̀ wá sùn. Ọ̀rọ̀ inú pílánì máa ń tẹ̀lé ààlà ilẹ̀, òmíràn kọjú sókè, òmíràn kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ tó bá ń fi ìtọ́ka lẹ́tà mọ ìdúró ìwé lè ṣìnà níbẹ̀ gan-an. Ojú rẹ ni kí o fi wò ó.

Títọ́ ohun tí kò nílò títọ́

Mo máa ń wọn ìwọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án. Mú ìlà ọ̀rọ̀ kan tó gùn, fi rúlà wọn bó ṣe gùn tó àti iye tó fi ga sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pín gíga náà sí gígùn, kí o fi 57 sọ ọ́ di púpọ̀, wàá rí dìgírì rẹ̀. Ní ojú ìwé 7, ìlà gùn ní mílímítà 160, ó sì ga sí i ní mílímítà 4: dìgírì 1.4 ni. Bó ṣe rí ní 11 náà nìyẹn. Ní ojú ìwé 14, mílímítà 1 péré ló fi ga, kò tó dìgírì 0.4. Mo fi 14 sílẹ̀. Kò sí ẹni tó máa rí ìwọ́ yẹn bí ó bá ń kàwé, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ṣú, gbogbo ojú ló máa rí i.

Ìwé Yorùbá lèyí ń bá jà jù. Ká ní àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ fẹ̀ tó mílímítà 0.4. Nínú síkáànù tí wọ́n ṣe ní 300 dpi, ìyẹn ẹ̀kán 300 nínú ínǹṣì kan, ó tó ẹ̀kán márùn-ún ní fífẹ̀, ní 150 dpi kò tó mẹ́ta. Bí o bá tún àwòrán bẹ́ẹ̀ yà lẹ́ẹ̀mejì, àmì náà lè di àbàwọ́n, "ọkọ" àti "oko" á sì jọra. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa ń tọ́ ojú ìwé, láti orí àwòrán àkọ́kọ́. Bí bébà bá wà lọ́wọ́ rẹ, tún un ṣe síkáànù ní 300 dpi, ní àwọ̀ eérú, kí o tẹ́ etí rẹ̀ mọ́ igun díńgí ẹ̀rọ náà. Dúdú-funfun pátápátá máa ń sọ ẹsẹ̀ lẹ́tà di àtẹ̀gùn nígbà tí a bá tọ́ ọ.

Ìwé ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, nítorí náà mo lo `ocrmypdf`, ètò tó ń tọ́ àwòrán ìwé tó sì ń ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, lórí ojú ìwé méjì péré. Mo lò ó *lẹ́yìn* tí mo ti gbé 11 dìde, nítorí ìlà tó sùn gbalaja lórí bébà ló ń wá láti fi mọ ìwọ́:

```
ocrmypdf --deskew --pages 7,11 --output-type pdf -l yor+eng yi.pdf to.pdf
```

`yor+eng` ń jẹ́ kí ó ka ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì inú àwòrán náà, kí lọ́yà lè wá orúkọ nínú rẹ̀. O gbọ́dọ̀ ti fi àkójọ èdè `yor` ti Tesseract, ètò tí `ocrmypdf` fi ń ka ọ̀rọ̀, sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Bó bá kọ̀ pé ojú ìwé ti ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré fi `--force-ocr` kún un. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìfi `--pages` sí i, gbogbo ojú ìwé ló máa sọ di àwòrán tuntun, títí kan èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti mọ́ gaara.

Lẹ́yìn èyí, wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú ìwé. Ní dìgírì 1.4, òkè bébà A4 máa ń sún tó mílímítà 7 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ìbuwọ́lùwé tàbí òǹtẹ̀ bá wà létí, ó lè gé e. Òǹtẹ̀ ojú ìwé 7 kù díẹ̀ kó kan etí, àmọ́ ó pé.

Gbígbìyànjú láti fi yíyí tọ́ ohun tó tẹ̀

Ojú ìwé 16 kò ní ìwọ́ kan ṣoṣo. Ìlà rẹ̀ tọ́ lápá òsì, ó wá tẹ̀ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí o bá tọ́ apá kan, apá kejì á wọ́. Fọ́tò tí a fi fóònù yà láti ẹ̀gbẹ́ náà máa ń rí bẹ́ẹ̀: etí òsì ìwé fì síhìn-ín, etí ọ̀tún fì sọ́hùn-ún. Kò sí dìgírì tó lè wo ìyẹn sàn. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé rísíìtì náà padà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ díńgí dáadáa, kí wọ́n ṣe síkáànù ojú ìwé yẹn nìkan. Wọ́n fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, mo pè é ní `tuntun.pdf`, mo sì fi í rọ́pò èyí tó tẹ̀, àmì `.` inú àṣẹ yìí dúró fún `to.pdf`:

```
qpdf to.pdf --pages . 1-15 tuntun.pdf 1 . 17-18 -- pari.pdf
```

Mo ṣí `pari.pdf` lórí fóònù, mo ka ojú ìwé rẹ̀ pé 18, mo fẹ 7 àti 11 tóbi títí mo fi rí àmì abẹ́ lẹ́tà wọn, kí n tó fi ránṣẹ́ sí lọ́yà.