Ẹnu ti pa dé, ohùn ṣì ń bọ̀: ìbéèrè lórí sáńdíbáà tí kò bá àwòrán rìn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra sáńdíbáà kan ní Pánṣẹ́kẹ́, mo sì fi bùlútúùtù so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Tí oníròyìn OGTV bá ń sọ̀rọ̀, á ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Mo rí AUDIO SYNC lára sáńdíbáà náà, mo gbé e dé 200, ṣe ló tún burú sí i. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́, àbúrò. Kọ́kọ́ dá AUDIO SYNC padà sí 0.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ètò yẹn mọ̀ ọ́n ṣe: ó ń dá ohùn dúró kí àwòrán lè bá a. Kò lè sáré ohùn síwájú. Ohùn tìrẹ ti pẹ́ tẹ́lẹ̀, ìwọ náà tún fi 200 milisẹ́kọ́ńdì kún un, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lórí ẹ̀rọ yàtọ̀ síra. Òmíràn á kọ AV Sync, òmíràn Audio Delay, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Bùlútúùtù yẹn ló ń dá ọ lóró. Tẹlifíṣọ̀n á kọ́kọ́ fún ohùn pọ̀ kó lè gba afẹ́fẹ́ kọjá. Sáńdíbáà á gbà á, á tú u, á sì kó díẹ̀ jọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, kó má baà máa já. Gbogbo èyí sábà máa ń gbà tó 100 sí 200 milisẹ́kọ́ńdì, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan máa ń dá àwòrán dúró de ohùn bùlútúùtù. Tìrẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kan lára sáńdíbáà tó lè mú àkókò yẹn kúrò.

Wáyà ni kí o lò. Wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rẹ dáadáa. Nínú àwọn ihò HDMI, ẹyọ kan sábà máa ń wà tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí lára. Ibẹ̀ nìkan ni kí o ki wáyà sí, torí ihò HDMI yòókù kì í dá ohùn padà jáde. Lára sáńdíbáà, ihò tí wọ́n kọ TV ARC tàbí HDMI OUT sí ni kí o lò. Lẹ́yìn náà, wọ inú Settings tẹlifíṣọ̀n, tan HDMI-CEC (Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ní SIMPLINK), kí o sì mú HDMI ARC gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ohùn á máa gbà jáde. Tí tẹlifíṣọ̀n rẹ kò bá ní ARC, wáyà OPTICAL náà dára. Yọ ọ̀rá kékeré tó bo ẹnu rẹ̀ méjèèjì kúrò kí o tó kì í bọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí i, wọ́n á wá ní kò dún.

Pa àsopọ̀ bùlútúùtù yẹn rẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ó lè padà so mọ́ ọn fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná dé.

Ìbéèrè: Mo ti lo HDMI ARC, ẹ ṣeun. Ó ti dára gan-an, àmọ́ ó wá dà bíi pé ohùn ń ṣáájú ẹnu báyìí. Ṣé ojú mi ni àbí òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Tẹlifíṣọ̀n ń tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde: ó ń mú un tóbi bá ojú rẹ̀ mu, ó ń yọ ìdọ̀tí kúrò, ó ń mú kí eré sísá dán lójú. Iṣẹ́ yẹn ń gba àkókò, ohùn sì ti gba wáyà lọ. Níbí gan-an ni AUDIO SYNC ti wúlò.

Má fi ẹnu oníròyìn dán an wò. Wá eré tí wọ́n ti ń lu gángan, kí o wo ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti kan awọ. Tí o bá gbọ́ ìlù kí kọ̀ǹgọ́ tó kàn án, ohùn ló ṣáájú. Tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹgọ́ ti ń gbéra kúrò lára awọ kí o tó gbọ́, ohùn ti pẹ́ nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ láti 0, máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, kí o dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Má dúró síbi tó ti kọ́kọ́ dára o. Máa lọ títí wàá fi rí i pé ó ti ń pẹ́, kí o wá padà sí àárín méjèèjì. Ká ní ní 40 ló ti kọ́kọ́ bára mu, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní 140, fi í sí 90.

Tó bá ṣòro láti yàn, jẹ́ kí ohùn pẹ́ díẹ̀ ju kó ṣáájú lọ. Ẹni tó wà lórí Olúmọ tó ń wo ẹni tó ń la igi nísàlẹ̀ á rí àáké kó tó gbọ́ ọ, torí ohùn máa ń lo nǹkan bíi 100 milisẹ́kọ́ńdì láti rin mítà 34. Ohùn tó tẹ̀ lé àwòrán ti mọ́ wa lára, èyí tó ṣáájú ni kì í bá wa lára mu. Ìlànà ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, lórí ọ̀rọ̀ yìí, BT.1359, fi hàn pé èèyàn á ti fura tí ohùn bá fi nǹkan bíi 45 milisẹ́kọ́ńdì ṣáájú, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó pẹ́, ó lè tó 125 kó tó hàn.

Ìbéèrè: Mo fi tèmi sí 110, fíìmù dára. Tí ọmọ mi bá wá ń gbá géèmù, á tẹ bọ́tìnì, bọ́ọ̀lù á ti lọ kí ó tó dún. Ṣé kí n máa yí i ní gbogbo ìgbà ni?

Ìdáhùn: Ẹ lọ wo bóyá Game Mode máa ń tàn fúnra rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n yín. Game Mode máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àtúnṣe àwòrán dúró, kí bọ́tìnì lè yá. Àwòrán ti wá yára, àmọ́ 110 tí ẹ fún ohùn ṣì wà níbẹ̀.

Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ń rántí ètò ohùn fún ihò HDMI kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ dá AUDIO SYNC sáńdíbáà padà sí 0, kí ẹ wá fi ìdádúró náà sínú tẹlifíṣọ̀n, ní ihò díkódà nìkan. Lára Samsung, Digital Output Audio Delay ni ẹ ó wá. Ẹ má fi sí ibi méjèèjì o, torí ṣe ni wọ́n máa ń ro pọ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n kò bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 40 sí 50 ni mo máa ń fi í sí nílé tí géèmù àti fíìmù ti jọ ń lo ẹ̀rọ kan. Kò ní pé fún èyíkéyìí nínú wọn, àmọ́ wọn ò ní í rojọ́.

Tí géèmù bá ṣì ń pẹ́ ní 0, ẹ yí Digital Audio Output lórí tẹlifíṣọ̀n láti Bitstream, ìyẹn ohùn tí wọ́n fún pọ̀ bíi Dolby, sí PCM, ìyẹn ohùn tí tẹlifíṣọ̀n ti tú sílẹ̀. Sáńdíbáà kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú Dolby mọ́. Àmọ́ lórí ARC lásán, PCM ọ̀nà méjì ló ń gbé, nítorí náà, tí ẹ bá ní sípíkà ẹ̀yìn, ẹ ò ní í gbọ́ ohùn ẹ̀yìn bó ṣe yẹ.

Ìbéèrè: Tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Tó bá pẹ́ tí mo ti ń wo tẹlifíṣọ̀n, ohùn á wá máa rìn jìnnà sí àwòrán díẹ̀díẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ má fọwọ́ kan AUDIO SYNC rárá. Iye kan tí kì í yí padà kò lè wo ohun tó ń pọ̀ sí i. Ẹ yí ìkànnì kúrò, kí ẹ padà síbẹ̀. Tó bá tún bára mu lójú ẹsẹ̀, díkódà tàbí ìkànnì yẹn ló ni ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe sáńdíbáà. Ẹ yọ díkódà kúrò lára iná pátápátá, torí pípa á pẹ̀lú rìmóòtù kò pa á tán, kí ẹ tó tún tàn án. Bó bá sì jẹ́ fíìmù kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú fíìmù yẹn ni wọ́n ti gbé e wá.